“PMSF ti wà nínú bọ́fà mi, kò séwu”: ìgbàgbọ́ òdì kan nípa fífọ́ sẹ́ẹ̀lì

Ìgò bọ́fà kan máa ń wà nínú fíríìjì ọ̀pọ̀ láàbù tí wọ́n fi máàkà kọ “pẹ̀lú PMSF” sí lára, tí déètì ara rẹ̀ sì ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ fọ́ sẹ́ẹ̀lì yọ purotíìnì á gbé e jáde, á dà á lé sẹ́ẹ̀lì lórí, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ pé ẹ́ńsáìmù kankan ò ní gé purotíìnì òun. Àmọ́ PMSF, adènà ẹ́ńsáìmù tí wọ́n kọ sára ìgò yẹn, kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti pò ó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwúkàrà ṣe àpẹẹrẹ, torí kò fojú fo àṣìṣe. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ìwúkàrà wà láàyè, inú àpò ńlá kan tó ń jẹ́ fákúólù ni púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotíìnì ń gbé, wọn kì í dédé pàdé purotíìnì tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá wá fi ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ lu sẹ́ẹ̀lì náà, àpò yẹn á bẹ́ pẹ̀lú ìyókù, gbogbo wọn á sì dà pọ̀ nínú bọ́fà kan ṣoṣo. Láti ìṣẹ́jú yẹn ni gígé ti bẹ̀rẹ̀. Yìnyín ń dẹwọ́ rẹ̀, kò lè dá a dúró.

Iṣẹ́ PMSF ni láti so mọ́ sẹ́rínì, ásíìdì amínò tí irú kan nínú àwọn ẹ́ńsáìmù yìí fi ń gé nǹkan. Ó ń há síbẹ̀ bí eegun ẹja ṣe ń há sí ọ̀nà ọ̀fun, àmọ́ tirẹ̀ kò ní jáde mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ibi tí sẹ́rínì ti ń gbá PMSF mú gan-an ni omi náà ti lè kọlù ú, èyí tí omi bá sì ti kọlù kò lè so mọ́ ẹ́ńsáìmù kankan mọ́. Ní ìwọ̀n ooru 25°C, ìdajì PMSF á ti bàjẹ́ láàárín nǹkan bí 110 ìṣẹ́jú bí pH bọ́fà bá jẹ́ 7.0. Ní pH 7.5, ìṣẹ́jú 55 ni. Ní pH 8.0, kò ju ìṣẹ́jú 35 lọ.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ fi mìlímólà 1 sínú bọ́fà pH 8.0 lórí tábìlì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35, ó ku 0.5. Lẹ́yìn 70, ó ku 0.25. Kó tó pé wákàtí méjì ààbọ̀, kò pé 0.06 mọ́, ẹ ò sì tíì lọ jẹun ọ̀sán. Lóòótọ́, òtútù fíríìjì ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò lè dá bọ́fà ọ̀sẹ̀ tó kọjá nídè. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé pH Tírìsì, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bọ́fà, ń gòkè bí ó bá tutù: èyí tí ẹ ṣe sí 8.0 ní 25°C á ti sún mọ́ 8.6 ní 4°C. Torí náà ni mo ṣe fẹ́ràn pH 7.5 fún iṣẹ́ yìí.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó kò le. Ẹ fi mìlígíráàmù 17.4 PMSF sínú mìlílítà 1 áísópùrópánọ́ọ̀lù tí omi kò sí nínú rẹ̀. Mìlímólà 100 nìyẹn, ó sì ń pẹ́ nínú fírísà torí kò sí omi tó máa bà á jẹ́. Ó máa ń dì sí ìsàlẹ̀ nínú òtútù, nítorí náà ẹ fi ọwọ́ mú ọpọ́n náà títí gbogbo rẹ̀ á fi yọ́ kí ẹ tó fa nínú rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ti délẹ̀, tí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ti délẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi máíkírólítà 10 sínú mìlílítà 1 bọ́fà, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ń kán an sí i, torí kì í fẹ́ yọ́ nínú omi tútù. Bí lílù náà bá gbà tó ààbọ̀ wákàtí, ẹ tún fi ẹ̀kan sí i. Májèlé ni o: ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì fa ìyẹ̀fun rẹ̀ símú.

PMSF tuntun náà kò ká gbogbo rẹ̀. Nínú fákúólù ìwúkàrà, purotéènésì B ń lo sẹ́rínì, PMSF lè mú un. Purotéènésì A kò lo sẹ́rínì rárá, asipátéètì ló ń lò, bí ẹ bá sì da PMSF tó kún garawa lé e lórí, á máa gé lọ ni. Pẹpsitátìnì ló ń dá a dúró, máíkírómólà 1 sì tó. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń lo mẹ́táàlì ni EDTA, tó máa ń gbá mẹ́táàlì mú, wà fún, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́lọ́ọ̀mù níkẹ́ẹ̀lì fọ purotíìnì yín mọ́, ẹ yẹra fún un, torí á fa níkẹ́ẹ̀lì náà kúrò. Ọ̀nà tó tún dára ju àwọn adènà wọ̀nyí lọ ni láti lo ìwúkàrà tí kò ní àwọn ẹ́ńsáìmù náà láti ilẹ̀. Onímọ̀ jẹ́nẹ́tíìkì Elizabeth Jones ló tẹ àtẹ̀jáde jáde ní 1977 lórí irú àwọn ìwúkàrà bẹ́ẹ̀. Èyí tí jíìnì PEP4 rẹ̀ bàjẹ́ kì í ní purotéènésì A, púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńsáìmù fákúólù tó kù kì í sì lè jí ṣiṣẹ́.

Àwọn kan á ní àwọn ò nílò gbogbo eléyìí, pé SDS, ọṣẹ tó ń tú purotíìnì palẹ̀, táwọn fi sí i ti pa gbogbo ẹ́ńsáìmù. Èyí gan-an ló ń tan èèyàn jù. SDS máa ń tú purotíìnì yín palẹ̀ kó tó tú àwọn ẹ́ńsáìmù kan palẹ̀, torí wọ́n lágídí. Fún àkókò díẹ̀, ẹran ti wà ní títú sílẹ̀, ọ̀bẹ ṣì mú. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ John Pringle ti kìlọ̀ nípa èyí lórí ìwúkàrà láti àwọn ọdún 1970. Bí ẹ bá da SDS sí i, kó bọ́ sínú ooru 95°C lójú ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kó má jókòó sórí tábìlì.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ń gé e? Ká ní purotíìnì yín wúwo tó 90 kDa, ìlà 90 sì hàn lórí bulọ́ọ̀tì, àwòrán tí wọ́n ti fi áńtíbọ́dì wá purotíìnì náà, pẹ̀lú ìlà 60 àti 45 lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má tíì dá ẹ́ńsáìmù lẹ́bi. Ẹ pín omi sẹ́ẹ̀lì kan náà sí méjì: ẹ se ìdá kan pẹ̀lú SDS kíákíá, ẹ fi ìkejì sórí yìnyín fún wákàtí kan kí ẹ tó sè é. Bí ìlà 90 bá tín-ín-rín nínú ìkejì, tí 60 àti 45 sì nípọn sí i, gígé ni. Bí àwọn ìlà náà bá rí bákan náà níbi ìdá méjèèjì, ó lè jẹ́ áńtíbọ́dì ló ń mú nǹkan mìíràn, tàbí kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ti gé e nígbà tó wà láàyè. Adènà tí ẹ bá fi kún un kò ní yí ìyẹn padà. Ẹ ṣe ọpọ́n kẹta pẹ̀lú bọ́fà inú fíríìjì yẹn, kí ẹ fojú ara yín rí i.

Bó bá jẹ́ bulọ́ọ̀tì nìkan lẹ fẹ́ ṣe, tí ẹ ò nílò purotíìnì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ fọ́ ìwúkàrà náà sínú ásíìdì TCA ìdá 10 sí 20 nínú 100. Ásíìdì náà ń mú kí ohun gbogbo dì kí ẹ́ńsáìmù tó rí àyè gé nǹkan. Ẹ fi asẹtóónù tútù fọ èyí tó dì náà dáadáa. Bí àwọ̀ inú bọ́fà SDS yín bá yí sí òféèfèé nígbà tí ẹ bá pò ó mọ́ ọn, ásíìdì ṣì kù níbẹ̀. Ẹ kán Tírìsì tí wọn ò fi ásíìdì sí díẹ̀ díẹ̀ títí á fi padà di búlúù.