Mímú ẹran màlúù, ewúrẹ́ àti nǹkan inú ẹran fún ọbẹ̀ àti fún sísun

Ohun mẹ́ta ni ẹni tó bá fẹ́ mú ẹran lọ́dọ̀ alápatà ń wò: ibi tí ẹran náà ti wá lára màlúù tàbí ewúrẹ́, bí yóò ṣe pẹ́ tó lórí iná, àti iye tí wọ́n ń tà á. Ní ọjà ilẹ̀ Yorùbá bíi Bódìjà ní Ìbàdàn, alápatà kì í sábà dá iye lé ẹ̀yà màlúù kọ̀ọ̀kan. Ohun tó sábà ń ya iye ẹran sọ́tọ̀ ni bóyá eegun wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Nǹkan inú ẹran àti pọ̀nmọ́ ní iye tiwọn. Nítorí náà, ẹni méjì lè san iye kan náà níwájú ìsọ̀ kan, kí ọ̀kan gbé ẹran tó tètè ń rọ̀ lọ sílé, kí èkejì gbé èyí tó máa gba wákàtí 2 lórí iná.

Iṣẹ́ tí ẹ̀yà ara ń ṣe nígbà tí ẹran wà láàyè ló ń sọ bí yóò ṣe le tó. Ẹsẹ̀, ọrùn àti èjìká kì í sinmi lára màlúù, iṣan funfun àti awọ tín-ín-rín sì pọ̀ láàárín ẹran ibẹ̀. Ẹran tó lẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, èyí tó sì wà lábẹ́ eegun ẹ̀yìn níbi ìbàdí ló rọ̀ jù. Iná ò ṣe wọ́n bákan náà. Iṣan funfun máa ń yọ́ bó bá pẹ́ nínú omi tó ń hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òun ló ń mú kí omi ẹran ẹsẹ̀ dì nínú fíríìjì. Ẹran pupa ní tirẹ̀ ń sún kì, ó sì ń tu omi rẹ̀ sílẹ̀ bí iná bá ṣe ń mú sí i. Bí a bá se ẹran ẹ̀yìn fún wákàtí 2, á gbẹ, adùn rẹ̀ á ti bá omi lọ. Bí a bá sì sun ẹran ọrùn lórí ẹ̀yinná fún ìṣẹ́jú 10, iṣan rẹ̀ kò ní tíì yọ́, eyín kò sì ní ràn án.

Àkókò tí wọ́n dúńbú ẹran náà wà lára ohun tó ń mú un le. Láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá pa màlúù, gbogbo ẹran ara rẹ̀ á gan. Ẹran tí a bá sè nígbà tó gan yìí máa ń le ju bó ṣe yẹ lọ, ibi yòówù kó ti wá. Ẹran tí wọ́n pa láàárọ̀ kùtù dára láti gbé kaná kíákíá, kó tó gan. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó wà nínú fíríìjì, níbi tí kò ti ní dì, di ọjọ́ kejì, kó lè dẹ̀ díẹ̀. Ẹran tó dára máa ń ta pada bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́. Èyí tí wọ́n ti rẹ sómi kó lè wúwo máa ń rin, omi á sì máa sun lábẹ́ rẹ̀ lórí pákó.

Ọ̀rọ̀ eegun gba ìṣirò. Ká sọ pé kílò 1 ẹran eléegun jẹ́ 6,000 náírà, kílò 1 èyí tí kò léegun sì jẹ́ 7,500. Bí eegun bá kó ìdá kan nínú mẹ́rin kílò náà, gíráàmù 750 ẹran péré ni 6,000 náírà rà, ìyẹn ni pé kílò 1 ẹran pọ́nńbélé ti di 8,000. Àfi tí eegun bá dín sí ìdá kan nínú márùn-ún ni iye méjèèjì á dọ́gba. Fún ọbẹ̀ ata díndín, tí ẹran nìkan ni a ń fẹ́, èyí tí kò léegun ló pọ́n owó lé jù níbi tí iye bá rí báyìí. Fún ọbẹ̀ tí omi ẹran ṣe pàtàkì sí, bíi ẹ̀gúsí, eegun ń san owó rẹ̀ padà nínú omi. Bọ̀kọ́tọ̀ àti ìrù màlúù ló fi èyí hàn jù: ẹran ara wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n omi wọn kì í tètè ṣàn.

Nǹkan inú ẹran kò ṣeé dà pọ̀ sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì ni ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ olórísìírísìí. Ká mú ìkòkò kan tó ní bọ̀kọ́tọ̀, ṣàkì, ẹran itan, pọ̀nmọ́ àti ẹ̀dọ̀. Bọ̀kọ́tọ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó sì lè gba wákàtí 2 sí 3. Lẹ́yìn bíi wákàtí 1, ṣàkì á tẹ̀ lé e. Tó bá ku bíi wákàtí 1 kí bọ̀kọ́tọ̀ rọ̀, ẹran itan á wọlé. Pọ̀nmọ́ tí wọ́n ti rẹ tó sì ti dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kó má baà yọ́ sínú ọbẹ̀. Èyí tó bá nípọn tó sì le ni a máa ń sè tẹ́lẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nígbà tí ọbẹ̀ bá ti fẹ́ jiná, nítorí kò ní iṣan tó máa yọ́: bó bá ti ń pẹ́ ló ń le, tó sì ń rí yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹni tó ń ra ẹ̀dọ̀ ní láti ní kí alápatà là á. Ẹ̀dọ̀ tó dára dán, ó sì rí bákan náà látòkè délẹ̀. Bí ọ̀nà tí òróòro ń gbà kọjá nínú rẹ̀ bá nípọn, tó funfun, tí àràn pẹlẹbẹ sì wà nínú rẹ̀, kò yẹ ní rírà, bí wọ́n tilẹ̀ ní àwọn á gé ibẹ̀ kúrò. Fùkù ni owó rẹ̀ sábà ń kéré jù, ṣùgbọ́n èyí tó ní kókó líle tàbí ọyún kò ṣeé jẹ rárá, torí ikọ́ fée màlúù máa ń farahàn níbẹ̀. Ní ti ṣàkì, àwọ̀ eérú tàbí dúdú ni tirẹ̀ látilẹ̀wá. Èyí tí wọ́n bá fi omi gbígbóná họ máa ń mọ́ sí i, síbẹ̀ ṣàkì tó funfun báláú tó sì ń rùn bí oògùn ìfọṣọ ni kí a fi sílẹ̀.

Súyà fi hàn pé ọwọ́ tó ń gé ẹran lè ṣe iṣẹ́ tí iná ò lè ṣe. Ẹran itan tí kò lọ́ràá púpọ̀ ni àwọn onísúyà sábà ń lò, kì í ṣe èyí tó rọ̀ jù. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ awọ àti iṣan funfun kúrò, wọ́n á wá máa fi ọ̀bẹ ṣí ẹran náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń tú ẹní tí wọ́n ká, títí á fi fẹ́lẹ́. Nítorí pé ó fẹ́lẹ́, iná á tètè là á já, eyín kò sì ní wahala púpọ̀. Ẹni tó bá gé ẹran itan kan náà ní gìdìgbà sórí ẹ̀yinná á rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti jóná kí inú tó jiná.

Ẹran ewúrẹ́ sábà ń wọ́n ju ti màlúù lọ, awọ àti eegun sì máa ń wà lára rẹ̀. Ọ̀rá kì í pọ̀ láàárín ẹran rẹ̀, ìdí nìyí tó fi tètè ń gbẹ lórí ẹ̀yinná. Fún asun, èyí tí wọ́n mọ Oǹdó mọ́ gan-an, itan àti ìhà tó ṣì ní awọ ló dára, torí awọ ń dá omi dúró nínú ẹran. Ọ̀pọ̀ ilé ń bọ̀ ọ́ díẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà kí wọ́n tó sun ún, pàápàá bí ewúrẹ́ náà bá ti dàgbà. Ọrùn àti ẹsẹ̀ iwájú dára jù fún ọbẹ̀ ata.

Bí orí ewúrẹ́ bá wà lórí ìsọ̀, eyín ìsàlẹ̀ níwájú ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tí kò tíì pé ọdún 1 ní eyín wẹ́wẹ́ 8. Nígbà tó bá lé díẹ̀ ní ọdún 1, méjì àárín á yọ, ńlá méjì á hù dípò wọn. Òbúkọ tí wọn kò tẹ̀ lọ́dàá máa ń rùn, òórùn náà sì wà nínú awọ àti ọ̀rá rẹ̀ jù. Fún irú rẹ̀, bíbó awọ àti gígé ọ̀rá kúrò kí a tó gbé e kaná ń dín òórùn náà kù ju ata àti iyọ̀ lọ.