Swíìṣì ìdádúró fún róbọ́ọ̀tì tó ń ṣòwò

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2012, kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ́dà òdì sínú ọjà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ló fi ń ṣe é, owó tó lé ní 440 mílíọ̀nù dọ́là sì bá a lọ. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tó ń wo àdánù, tí ì bá sì dá ọ́dà dúró fúnra rẹ̀ nígbà tó kọjá ààlà. Ohun náà là ń pè ní swíìṣì ìdádúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ sórí MetaTrader 5. Ká ní 5,000 dọ́là ló wà lọ́wọ́ láàárọ̀, a sì ní àdánù ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ ju 150 lọ. Òwò kan ti parí pẹ̀lú àdánù 90. Òmíràn ṣì wà lójú ọjà, ó ti jẹ 60. Balance yóò sọ pé 4,910 ló kù, róbọ́ọ̀tì á sì máa bá eré lọ. Equity ló ń ka òwò tí kò tíì parí mọ́ ọn: 4,850. Òun ni kí ẹ wò.

```
double owo = AccountInfoDouble(ACCOUNT_EQUITY);
if(owo <= owo_aaro - 150)
  {
   GlobalVariableSet("DURO", 1);
   GlobalVariablesFlush();
  }
```

Inú OnTimer ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì fi EventSetTimer(1) sínú OnInit kí OnTimer lè máa ṣiṣẹ́. OnTick kì í ṣiṣẹ́ àfi tí iye ọjà orí ṣáàtì yẹn bá yí, òwò mìíràn sì lè ti máa jẹ owó lọ.

Kí ló dé tí a fi pa DURO mọ́ sórí dísìkì? Tí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì tún tàn, ohun tó wà nínú róbọ́ọ̀tì nìkan á ti parẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni owo_aaro: tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, róbọ́ọ̀tì á gba 4,850 gẹ́gẹ́ bí owó àárọ̀, á sì tún fún ara rẹ̀ láàyè láti pàdánù 150 mìíràn.

Lẹ́yìn tí DURO bá ti di 1, gbogbo róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kà á kí wọ́n tó fi OrderSend ránṣẹ́. Ìgbà náà ni kí swíìṣì fagi lé àwọn ọ́dà tó ń dúró de iye, kó tó wá pa òwò tó wà lójú ọjà dé. Tó bá kọ́kọ́ pa òwò dé, ọ́dà tó ń dúró lè bá iye rẹ̀ pàdé láàárín, kí òwò tuntun sì ṣí. Kó máa tún un ṣe títí OrdersTotal() àti PositionsTotal() yóò fi di òdo, torí bróókà lè kọ̀ ọ́ nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn kan rò pé bọ́tìnnì Algo Trading ti tó. Kò tó. Ó ń pa róbọ́ọ̀tì lẹ́nu mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́dà tó ti wà lọ́dọ̀ bróókà ṣì wà níbẹ̀, swíìṣì fúnra rẹ̀ kò sì ní lè pa ohunkóhun dé mọ́.

Tí ọjà bá fò láti iye kan sí òmíràn, àdánù lè kọjá 150 kí òwò tó parí. Tí 150 bá jẹ́ òpin ohun tí ẹ lè fara dà, ẹ fi ààlà sí 120. Kí ẹ tó fi owó gidi sí i, ẹ fi ààlà dọ́là 5 dán an wò lórí àkáǹtì dẹ́mò. Nígbà tó bá já, ẹ pa MetaTrader, ẹ tún un ṣí, kí ẹ tẹ F3: DURO gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ 1.