Ìṣẹ́jú 15 níwájú àwọn olùyẹ̀wò: báwo ni kí n ṣe pín in?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 15 péré ni wọ́n fún wa láti gbèjà iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wa. Nígbà tí mo dán an wò, ọ̀nà tí mo gbà ṣèwádìí nìkan gba ìṣẹ́jú 7, n ò sì dé orí ìkùdíẹ̀-káàtó rárá. Ṣé kí n máa sọ̀rọ̀ kíákíá ni?

Rárá o, gígé ni kí o gé e. Bí èèyàn bá ń sáré sọ̀rọ̀, nọ́ńbà ló kọ́kọ́ ń bọ́ létí àwọn tó ń gbọ́, nọ́ńbà yẹn gan-an ni wọ́n sì wá gbọ́.

Múra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 13. Fáìlì tí kò tètè ṣí àti olùyẹ̀wò tó dá ọ dúró láàárín ọ̀rọ̀ ni yóò jẹ méjì tó kù. Fi 2 sọ ìṣòro àti ìbéèrè ìwádìí rẹ, 3 fún ọ̀nà tí o gbà ṣe é, 6 fún àbájáde, 1 àti ààbọ̀ fún ìkùdíẹ̀-káàtó, kí o fi ààbọ̀ ìṣẹ́jú tó kù kádìí rẹ̀.

Ohun tó sábà ń sọ ìṣẹ́jú 3 di 7 ni ìtumọ̀ inú ìwé: kí ni à ń pè ní ìwé ìbéèrè, kí ni ànfààní fífi ìbò yan èèyàn. Àwọn olùyẹ̀wò mọ gbogbo ìyẹn. Gbólóhùn tí ọmọ kíláàsì rẹ lè mú lọ sínú iṣẹ́ tirẹ̀ láìyí ohunkóhun padà, yọ ọ́ dànù.

Ká ní ohun tí o ń wádìí ni bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lo fóònù lórí ibùsùn kì í sùn tó. Èyí tó: “Ìwé ìbéèrè 200 ni mo pín, ìbò ni mo fi yan àwọn tó gbà á láti inú orúkọ kíláàsì, 164 ló padà wá. Òru méje ni wọ́n fi kọ wákàtí oorun wọn sílẹ̀.” Kò gba ìdajì ìṣẹ́jú. Fi àkókò tó kù ṣàlàyé ìpinnu tó jẹ́ tìrẹ: kí ló dé tó fi jẹ́ òru méje, tí kì í ṣe ẹyọ kan?

Ìbéèrè: Tábìlì mẹ́sàn-án ni mo ní. Báwo ni wọ́n ṣe máa wọ inú ìṣẹ́jú 6?

Wọn ò lè wọ̀ ọ́. Mú mẹ́ta tó dáhùn ìbéèrè ìwádìí rẹ, ìṣẹ́jú méjì-méjì. Kó mẹ́fà yòókù sẹ́yìn síláìdì tó kẹ́yìn, nítorí wọ́n lè bi ọ́ nípa wọn.

Má ka tábìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Sọ àbájáde náà ná, kí o tó nawọ́ sí nọ́ńbà: “Àwọn tó ń lo fóònù lórí ibùsùn ju wákàtí kan lọ kì í sùn tó àwọn yòókù: wákàtí 5.6 sí 6.9.” Dákẹ́ díẹ̀ kí ojú wọn lè bá nọ́ńbà náà. Lẹ́yìn náà, sọ bí ìyàtọ̀ náà ṣe tó: ìṣẹ́jú 78 lóru kan.

Ìbéèrè: Tí mo bá tú àṣírí ìkùdíẹ̀-káàtó iṣẹ́ mi, ṣé wọn ò ní fi gé máàkì mi?

Èyí tí o fi pamọ́ tí àwọn fúnra wọn wá hú jáde ló léwu jù. Méjì tó. “Owó àti àkókò kò tó” kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, torí kò kan àbájáde kankan. Sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àbájáde tó kàn, àti ibi tó lè tì í sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló kọ wákàtí oorun wọn, èèyàn sì sábà máa ń kọ ọ́ ju bó ṣe jẹ́ lọ. Nítorí náà, 5.6 àti 6.9 lè ga ju òótọ́ lọ. Bí àṣìṣe náà bá dọ́gba lọ́wọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn kò ní yí púpọ̀.

Èyí tó wúwo jù, má dúró dìgbà ìkẹyìn kí o tó sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí oorun kò kùn ló ń fa fóònù mọ́ra, kì í ṣe fóònù ló lé oorun lọ. Sọ èyí lórí àbájáde àkọ́kọ́, fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá. Bí wọ́n bá ní kí o dúró ní ìṣẹ́jú 12, o ti sọ ọ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti ń pẹ́?

Ìṣẹ́jú 5 ni kí àbájáde àkọ́kọ́ ti wà lójú síláìdì, 11 sì ni kí o wọ ìkùdíẹ̀-káàtó. Bí 5 bá bá ọ lórí ọ̀nà ìwádìí, àbájáde kẹta ni kí o fò, má fò ìkùdíẹ̀-káàtó. Bó bá jẹ́ PowerPoint lo ń lò, má máa tẹ síláìdì lọ́kọ̀ọ̀kan lójú wọn: tẹ nọ́ńbà síláìdì tí o ń lọ, kí o tẹ Enter, yóò gbé ọ débẹ̀ tààrà. Kọ nọ́ńbà náà sórí ìwé kékeré tí o mú dání.