Bí Ríìtì Ṣe Di Ọ̀nà Láti Jẹ Èrè Owó Ilé Láìra Ilé

Ẹni tó ra ìpín nínú ríìtì kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé kankan lọ́wọ́, kò sì mọ orúkọ ayálégbé kankan, síbẹ̀ díẹ̀ nínú owó tí àwọn ayálégbé ń san ń kàn án lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ tó ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ fi ra ilé, tó sì ń pín èrè owó ilé náà fún wọn, ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ọ̀ràn owó orí ló sì bí i.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òfin ìpínlẹ̀ Masachúsẹ́tì kò gba ilé-iṣẹ́ láyè láti ní ju ilé àti ilẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an nílò lọ. Àwọn olówó ìlú Bọ́sítìn wá gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi ilé sí ìkáwọ́ àwọn alámòójútó, orúkọ àwọn alámòójútó ló wà lórí ìwé ilé, àwọn tó dá owó sì gba ìwé tó ń fi ìpín kálukú hàn. Níwọ̀n bí ìjọba kò ti ka irú àjọ bẹ́ẹ̀ sí ilé-iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó orí máa ń kan èrè rẹ̀. Ní ọdún 1935, nínú ẹjọ́ Mọ́rísì, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé àjọ alámòójútó tó bá ń ṣòwò bí ilé-iṣẹ́ yóò san owó orí bí ilé-iṣẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣòfin tú àwọn àjọ tó ń fi owó ọ̀pọ̀ èèyàn ra ìpín ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ kúrò nínú ẹrù náà, ṣùgbọ́n wọn kò tú àwọn tó ń ra ilé sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọgọ́rùn-ún dọ́là wò ó. Ní ọdún 1960, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí tó ń kan èrè ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí owó ilé bá mú èrè 100 dọ́là wọlé, ìjọba yóò mú 52, yóò ku 48, bí wọ́n bá sì pín 48 yìí, ẹni tó gbà á yóò tún san owó orí tirẹ̀ lórí rẹ̀. Olówó tó dá ilé tirẹ̀ ní kò rí ìyà ẹ̀ẹ̀mejì yìí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ilé, tó sì ní láti bá ẹlòmíràn dá a, ni ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn, mi ò sì rí ìdí kan tó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1956, Ààrẹ Aisẹnháwà kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin àkọ́kọ́ tó fẹ́ tún un ṣe. Ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ló tó fọwọ́ sí èkejì, inú òfin tó sì dá lórí owó orí sìgá ńlá aláwé tábà ni wọ́n fi í sí. Òfin náà ní kí ẹni tó ni ríìtì má dín ní 100, kí èèyàn márùn-ún má ni ju ìdajì rẹ̀ lọ, kí èyí tó pọ̀ jù nínú dúkìá rẹ̀ jẹ mọ́ ilé àti ilẹ̀, kí ó sì máa pín ó kéré tán ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ lọ́dọọdún. Nínú 100 dọ́là wa, bí wọ́n bá pín 90, owó orí ilé-iṣẹ́ kò kàn án, 10 tó kù nìkan ni yóò san 5.20 dọ́là lé lórí.

Nínú pípín dandan yìí náà ni àléébù rẹ̀ wà. Ríìtì kò lè tọ́jú èrè tó nípọn de ọjọ́ búburú, bó bá sì fẹ́ ra ilé sí i, àfi kó yá owó tàbí kó ta ìpín tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ra ilé rárá. Wọ́n ń yá owó tí wọn yóò tètè dá padà lọ́wọ́ báńkì, wọ́n sì ń fi í yá àwọn kọ́lékọ́lé, kí àwọn lè jẹ èlé tó wà láàárín. Láàárín 1973 sí 1975, èlé báńkì lọ sókè, àwọn kọ́lékọ́lé kò rí gbèsè san, ilé tí iṣẹ́ rẹ̀ kò parí sì kún ìlú. Ríìtì tó ti pín èrè rẹ̀ tán kò ní nǹkan tí yóò fi gbé ara rẹ̀ ró, ọ̀pọ̀ sì wó lulẹ̀. Ìwé ìṣirò lọ́dọọdún máa ń fi ìyàtọ̀ yìí hàn: ẹ wò ó bóyá owó ilé ló ń wọlé tàbí èlé orí owó tí wọ́n yá àwọn ẹlòmíràn, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí gbèsè tiwọn fúnra wọn yóò pé.

Títí di ọdún 1986, òfin kò jẹ́ kí ríìtì máa bójú tó ilé tirẹ̀: alágbàṣe tó dá dúró ló ní láti ṣe ohun tí àwọn ayálégbé bá nílò. Òfin owó orí ti ọdún náà ló gbà wọ́n láyè láti gba òṣìṣẹ́ tiwọn sí i. Ìpín dandan náà kò dúró sójú kan, nítorí òfin ọdún 1976 gbé e lọ sí ìdá 95, òfin mìíràn sì dá a padà sí 90 láti ọdún 2001.