“Tún èyí tó wà lókè yẹn kọ”: òkè wo gan-an?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àǹtí kan tó ń ta kàmpálà ní Ìtòkú wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi ní Sápọ́n, wọ́n ní kí n bá wọn pírìńtì lẹ́tà kan tí wọ́n fẹ́ fún lándílọ́ọ̀dù wọn. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo wa ń bá ṣáàtì lórí fóònù báyìí ni wọ́n fi kọ ọ́. Èmi máa ń ka nǹkan sókè fún kọ́sítọ́mà kí n tó pírìńtì, bí mo ṣe kan ibi tí owó wà báyìí ni wọ́n pariwo: “Rárá o, kì í ṣe 180,000 ló kù mọ́, mo ti san 60,000 nínú ẹ̀, 120,000 ló kù, mo sì ti tún un ṣe tẹ́lẹ̀!”

Òótọ́ ni wọ́n sọ, wọ́n ti tún un ṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n wo ṣáàtì yẹn, a wá jọ ń fi ìka fà á lọ sókè, ó gùn gan-an torí ṣáàtì kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ń lò láti bí oṣù kan. Àlàyé kàmpálà tí wọ́n ń gbé sí sítátọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀ lẹ́tà lándílọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni ọjọ́ ìbí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, lẹ́yìn ẹ̀ àlàyé tí wọ́n fẹ́ máa fún kọ́sítọ́mà nípa bí wọ́n á ṣe máa fọ aṣọ aláró kó má baà ṣí. Abẹ́ ẹ̀ yẹn ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ yìí sí: “Tún èyí tó wà lókè yẹn kọ, jẹ́ kó kúrú.”

Àlàyé nípa fífọ aṣọ ni ẹ̀rọ náà gé kúrú fún wọn. Inú bí wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ padà pé lẹ́tà yẹn làwọn ń sọ, lẹ́tà lóòótọ́ ló wá tún kọ, ṣùgbọ́n 180,000 ló wà nínú ẹ̀. Àṣìṣe méjì lèyí, ohun tó sì fa èkíní kọ́ ló fa èkejì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀, torí mo ń rí i lọ́wọ́ àwọn èèyàn lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èkíní ná. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ ní Ìtòkú, tí aṣọ kún ògiri títí dé òrùlé, tẹ́ ẹ wá ní “ẹ bá mi mú ìyẹn tó wà lókè yẹn”, ẹni tó ń tajà á tẹ̀ lé ìka yín, á tẹ̀ lé ojú yín, kíá ló máa mọ èyí tẹ́ ẹ ń wò. Ẹ̀rọ yìí ò rí ìka, kò rí ojú. Kò tiẹ̀ mọ ibi tẹ́ ẹ fà á dé lórí fóònù. Ẹ lè ti fà á lọ sókè dé ibi tí lẹ́tà wà, kẹ́ ẹ máa wò ó kòrókòró bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ̀wé, kò sí bó ṣe fẹ́ mọ̀. Ohun tó ń dé ọwọ́ ẹ̀ nígbàkúùgbà tẹ́ ẹ bá tẹ sẹ́ǹdì ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú ṣáàtì yẹn, tiyín àti tiẹ̀, tí wọ́n to tẹ̀ lé ara wọn bí ìwé gígùn kan, tí ọ̀rọ̀ tuntun yín sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Látàrí èyí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ látọjọ́ yìí ló wà “lókè” lójú tiẹ̀. Ó wá di pé kó mú ọ̀kan, èyí tó sún mọ́ ìsàlẹ̀ jù ló sì sábà máa ń mú, àfi tí ọ̀rọ̀ yín bá ní àmì míì tó tọ́ka síbòmíì. “Jẹ́ kó kúrú” ò tọ́ka síbì kankan, ṣebí kò sí ohun tí èèyàn ò lè gé kúrú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í bi yín pé èwo lẹ ní lọ́kàn, á kàn mú ọ̀kan, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Èdè tiwa náà tún ń dá kún un díẹ̀. “Ó”, “ẹ̀”, “un” tá à ń lò, ọkùnrin o, obìnrin o, lẹ́tà o, aṣọ o, gbogbo wọn ló ń gbà. “Tún un kọ” ò sọ ohunkóhun nípa ohun tá a fẹ́ tún kọ. Láàárín èèyàn kò sí wàhálà níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tá a jọ ń sọ bọ̀ ti fi hàn, ṣùgbọ́n nínú ṣáàtì tí nǹkan mẹ́rin ti jókòó sí, ẹ sọ orúkọ nǹkan náà.

Àṣìṣe kejì ló dùn mí jù, torí òun ló lè kó èèyàn sí wàhálà pẹ̀lú onílé. Mo béèrè lọ́wọ́ àǹtí yẹn pé níbo ni wọ́n ti sọ 180,000 di 120,000. Orí Wọ́sáàpù ni. Wọ́n kọ́pì lẹ́tà kúrò nínú ṣáàtì, wọ́n gbé e sí Wọ́sáàpù kí ọkọ wọn lè kà á, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa owó yẹn rẹ́, wọ́n sì kọ tuntun. Lójú tiwọn, lẹ́tà kan náà ni, wọ́n kàn ti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ṣáàtì ò yí padà, 180,000 ló ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rọ náà ò sì lè rí ohun tí wọ́n ṣe nínú áàpù míì. Nígbà tí wọ́n wá ní kó tún lẹ́tà kọ, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ náà ló tún kọ. Kò ṣe àṣìṣe kankan nípa tiẹ̀, lẹ́tà méjì ló wà láyé, wọ́n rò pé ọ̀kan ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí tẹ́ ẹ bá ní “máa bá a lọ”. Ká ní ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ sọ níbi ìgbéyàwó, ó kọ ọ́ dé àárín, ó dúró, ẹ béèrè ìtumọ̀ òwe kan nínú ẹ̀, ó ṣàlàyé, ẹ wá tẹ “máa bá a lọ”. Ṣé kó máa bá àlàyé òwe lọ ni, àbí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó? Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ṣé láti ibi tó gé e sí ni, àbí kó kọ ìpínrọ̀ tuntun sídìí ẹ̀? Èyí tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ pé ó ti ṣìnà ni pé á tún sọ ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ́nà míì, tàbí kó fo gbólóhùn tó gé sí méjì yẹn dá. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ kọ́pì gbólóhùn tó kẹ́yìn gẹ́lẹ́, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀rọ̀ yín, kẹ́ ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.

Ó tún ku ọ̀kan tí ojú ò rí. Ìwé gígùn tí mo ní ó ń dé ọwọ́ ẹ̀ yẹn ní ìwọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ náà lè gbà lẹ́ẹ̀kan ò kọjá ibì kan, wọn ò sì í fi ọ̀rọ̀ kà á, ègé ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń pè ní tókìn ni wọ́n fi ń kà á. Yorùbá tó ní àmì lórí sábà máa ń já sí ègé tó pọ̀ ju Òyìnbó lọ, tó túmọ̀ sí pé ṣáàtì Yorùbá máa ń tètè kún. Tó bá kún, àwọn áàpù kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ṣí tuntun, àwọn míì á yọ èyí tó wà lókè pátápátá kúrò, àwọn míì á sì ṣe àkékúrú ẹ̀. Ẹ̀yin ṣì ń rí lẹ́tà yín lójú fóònù, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ mọ́, tàbí kó jẹ́ pé kókó ẹ̀ nìkan ló kù. Tẹ́ ẹ bá wá ní kó tún un kọ, á kọ ohun tó jọ ọ́: déètì lè yàtọ̀, orúkọ àdúgbò lè yàtọ̀, ó sì máa dán mọ́rán débi pé ẹ ò ní fura. Ní 2023 àwọn olùwádìí kan dán irú àwọn ẹ̀rọ yìí wò pẹ̀lú ìwé gígùn, wọ́n rí i pé ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí ni wọ́n ń lò dáadáa jù, ohun tó bọ́ sáàárín ni wọ́n ń fojú fò. Torí ẹ̀, tó bá tiẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má fọkàn tán “òkè” tó ti jìn.

Ohun tí èmi àti àǹtí yẹn wá ṣe ò le rárá. A kọ́pì lẹ́tà ti Wọ́sáàpù, èyí tó ní 120,000 nínú, a ṣí ṣáàtì tuntun kí ọ̀rọ̀ aṣọ àti ọjọ́ ìbí má baà dà pọ̀ mọ́ ọn, a wá tẹ̀ ẹ́ báyìí:

```
Lẹ́tà tí mo fẹ́ kí o tún kọ nìkan
ló wà láàárín ìlà méjèèjì yìí:
---
[lẹ́tà náà látòkè délẹ̀]
---
Jẹ́ kó kúrú dé ìdajì.
Má yí iye owó, orúkọ àti déètì padà.
```

Ìlà méjì yẹn ló ń jẹ́ kó mọ ibi tí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí àṣẹ yín ti bẹ̀rẹ̀, torí láìsí i, ó lè mú “jẹ́ kó kúrú dé ìdajì” gẹ́gẹ́ bí ara lẹ́tà. Mo máa ń rí i pé ìlà tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ tí èèyàn bá ní kí wọ́n gé nǹkan kúrú, owó àti déètì wà lára ohun tó lè bá a lọ.

Tí lẹ́tà bá gùn jù tí ẹ ò fẹ́ kọ́pì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, tó jẹ́ inú ṣáàtì yẹn náà lẹ fẹ́ ṣe é, ẹ fún nǹkan kọ̀ọ̀kan lórúkọ látìgbà tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́, bíi LẸ́TÀ ONÍLÉ 2, kẹ́ ẹ máa pè é bẹ́ẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ àti iye owó inú ẹ̀ jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Tí gbólóhùn yẹn bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lójú yín, ẹ dúró, ẹ má jẹ́ kó tún ohunkóhun kọ, ẹ lọ kọ́pì èyí tó tọ̀nà wá.

Àwọn áàpù kan gbà kí èèyàn fa ìka gba orí ọ̀rọ̀ kan kó sì fèsì sí i lọ́tọ̀, bí a ṣe ń ṣe ní Wọ́sáàpù. Tí tiyín bá ní i, ó dáa, ó ń ṣe iṣẹ́ ìka tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa o, ibi tẹ́ ẹ bá fi ìka mú nìkan ló ń tọ́ka sí, tẹ́ ẹ bá mú ìpínrọ̀ kan nínú mẹ́ta, ìpínrọ̀ kan náà ló lè tún kọ.

Lẹ́tà àǹtí wá jáde ní ìpínrọ̀ méjì. Mo tún kà á sókè, 120,000 ló wà níbẹ̀, déètì pé, orúkọ onílé pé. Wọ́n ní kí n tún pírìńtì ẹ̀dà kan sí i káwọn fi pa mọ́, wọ́n sì dúró níbẹ̀ fi fóònù wọn ṣí ṣáàtì tuntun fún àlàyé aṣọ kí wọ́n tó padà sí Ìtòkú.