Lẹ́tà àyè IT ní Odógúnyàn: ẹ ka ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé

Lẹ́tà àyè IT, ìyẹn àyè tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ lábẹ́ ètò SIWES, tí ilé-iṣẹ́ kan ní Odógúnyàn, ní Ìkòròdú, fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná kan ní yunifásítì ló dá ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀.

Ṣé mo ti di òṣìṣẹ́ wọn nìyẹn?

Rárá. Àyè ẹ̀kọ́ ni wọ́n fún yín.

Wọ́n ní iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 5 January 2026, ó parí ní 5 June 2026. Kí ló burú níbẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé 5 January, ọjọ́ Ẹtì 5 June yóò bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni SIWES ti oṣù mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló dín, nítorí náà 19 June ló yẹ kí wọ́n kọ. Ọjọ́ inú lẹ́tà, ti lọ́ọ̀gìbúùkù àti ti Fọ́ọ̀mù 8 ti ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó SIWES, gbọ́dọ̀ bára mu, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olùṣàyẹ̀wò ti máa ń rí àìtó.

Ṣé ₦20,000 tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni owó ìjọba?

Kì í ṣe òun. Owó ìjọba ọ̀tọ̀ ni, kò sì ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ wá. ₦20,000 yìí jẹ́ owó ìrìnnà, lẹ́tà náà sì sọ pé wọn yóò yọ owó ọjọ́ tí ẹ kò bá wá. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá jẹ́ 22 lóṣù, owó ọjọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦909. Bí ẹ bá ń wọkọ̀ ₦400 lọ àti ₦400 bọ̀, ₦17,600 ti bá ọkọ̀ lọ, ó wá ku ₦2,400 fún oúnjẹ oṣù kan. Ẹ bá òbí yín sọ ọ́ kí ẹ tó gbà á.

Lẹ́tà náà ní iṣẹ́ mi ni "ohunkóhun tí ọ̀gá bá yàn". Ṣé kí n fọwọ́ sí i?

Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ẹ̀ka náà, fún àpẹẹrẹ ìtọ́jú ẹ̀rọ, àti orúkọ ẹni tí yóò máa fọwọ́ sí lọ́ọ̀gìbúùkù yín. "Mo fi mítà yẹ fíúsì mẹ́ta wò, mo rí i pé ọ̀kan ti jóná, mo sì pààrọ̀ rẹ̀" ni olùkọ́ yín ń wá nínú ìwé náà. Bí ojú ewé bá kún fún ìgbálẹ̀ àti ríra oúnjẹ fún ọ̀gá, kò ní í rí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n san owó kí lẹ́tà tó jáde.

Ẹ má san án.

Mo ti fọwọ́ sí i ná. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Kò tíì pẹ́ bí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un padà lọ, ẹ gba lẹ́tà tuntun tó ní òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì SIWES ní ilé-ìwé yín kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó pé.