Ibi Tí Wọ́n Kọ Déètì Sí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Àwọn àgbẹ̀ tó ń fi àwòrán ìgò oògùn oko ránṣẹ́ sí mi kí n lè bá wọn wò ó bóyá ayédèrú ni, iwájú ìgò ni wọ́n sábà máa ń yà: orúkọ oògùn, àwòrán koríko tó ti gbẹ, àwọ̀ tó ń dán. Apá yẹn gan-an ló rọrùn jù fún oníjìbìtì láti fara wé. Èmi a máa béèrè ibi tí nọ́ńbà báàṣì àti déètì wà, ìyẹn nọ́ńbà kan ṣoṣo tí gbogbo ìgò tí wọ́n rọ láti inú àpòpọ̀ kan náà máa ń ní.

Ilé iṣẹ́ á ti tẹ ìwé ara ìgò rẹpẹtẹ sílẹ̀ kí wọ́n tó rọ oògùn. Wọn ò tíì mọ ọjọ́ tí wọn yóò rọ ọ́, nítorí náà wọ́n á fi àyè sílẹ̀ fún déètì. Ìgbà tí ìgò bá ń kọjá lórí ẹ̀rọ ni wọ́n á tó fọ́n tàdáwà lé e. Tí ẹ bá fẹ àwòrán náà lójú, ẹ ó rí i pé ẹ̀kán kéékèèké ló para pọ̀ di lẹ́tà, ó sì lè wọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí déètì bá jẹ́ irú lẹ́tà àti tàdáwà kan náà pẹ̀lú ìyókù ìwé, ẹ fura. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti da ìwé ìgò gidi kọ, kó sì tẹ̀ ẹ́ tòun ti déètì rẹ̀. Ẹ má fi àmì yìí nìkan dájọ́ o, torí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń lo òǹtẹ̀, àwọn mìíràn sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike.

Ọgbọ́n kejì wọ́pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n á fi sípíríìtì nu déètì ọjà tó ti bàjẹ́, wọ́n á kọ tuntun. Ẹ mú ìgò gíláífósétì lítà kan bí àpẹẹrẹ. Ara ìgò kà pé MFD 04/2024, EXP 04/2027. Ẹ yí i padà, ẹ ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn: wọ́n ní ọdún 2 ni yóò lò láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ọdún 3 ni déètì iwájú fún un. Ẹ wá wo páálí tí ó ti jáde: nọ́ńbà báàṣì rẹ̀ bá ti ìgò mu, ṣùgbọ́n EXP 04/2024 ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí. Báàṣì kan ò lè ní déètì méjì. Tí ẹ bá tún wo àyíká déètì ìgò náà dáadáa, ẹ lè rí i pé ìwé ti pàdánù dídán rẹ̀, tí òjìji nọ́ńbà àtijọ́ sì ń yọ lábẹ́ tuntun. Pé gbogbo ìgò inú páálí ní báàṣì kan náà kì í ṣe ẹ̀sùn rárá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kí àwòrán tó lè fi èyí hàn, ẹ yà á níta lábẹ́ ìbòòji, láìtan iná fóònù, kí ẹ dẹ ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe bí àwòrán lásán, nítorí ó máa ń fún àwòrán pọ̀, ẹ̀kán tàdáwà á sì pa rẹ́.

Ẹ ya ìdérí náà kí ẹ tó ṣí i. Ó yẹ kí òrùka ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì so mọ́ ọn, láìsí gọ́ọ̀mù tàbí ibi tó já. Síbẹ̀, àwòrán lè tú ayédèrú fó, kò lè jẹ́rìí pé ohun tó wà nínú ìgò dára. Àwọn kan ń ra ìgò gidi tó ti ṣófo, wọ́n á sì tún un rọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣan ìgò yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ da omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọ́nkoríko, kí ẹ sì lu ìgò náà ní ihò.

Nọ́ńbà NAFDAC náà ṣe é yẹ̀ wò nínú Greenbook wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ oògùn àti ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bá ti ara ìgò mu. Ní ti párákùátì, NAFDAC ti fòfin dè é láti January 1, 2024. Ìgò rẹ̀ tí MFD rẹ̀ bá wà lẹ́yìn ìgbà náà kò yẹ kó wà lọ́jà wa, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ mọ́ tó.

Ní ti irúgbìn, ẹ wá káàdì SeedCodex ti àjọ irúgbìn NASC lára àpò. Kóòdù rẹ̀ wà lábẹ́ ohun tí a ń họ. Tí wọ́n bá ti họ ọ́ nínú àwòrán tí oníṣòwò fi ránṣẹ́, ẹ má rà á. Ẹ̀yin fúnra yín ló yẹ kó họ ọ́. Ẹ wo etí àpò náà pẹ̀lú: ìdè kejì tó gorí ìdè àkọ́kọ́ ń sọ pé wọ́n ti ṣí i rí.

Tí ẹ bá rí ayédèrú, ẹ má fọ́n ọn, ẹ má sì dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ tọ́jú ìgò, páálí àti rìsíìtì pọ̀, kí ẹ kó wọn lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tó súnmọ́ yín, tàbí NASC bó bá jẹ́ irúgbìn.